Òṣìṣẹ́ Pọ̀ Lọ́dọ̀ Wa, Kí Ló Dé Tí A Ń Ra Ṣẹ́ẹ̀tì Láti Òkèèrè?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Yemẹtù, tí akọ̀wé kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá.)

  

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àbá tó wà nílẹ̀. Gbogbo wa la mọ àbá ọ̀hún: pé kí á fi owó tí àwọn ọmọ wa dá láti ìlú òyìnbó ra ẹ̀rọ ìránṣọ, kí àwọn télọ̀ àti ọmọṣẹ́ wọn máa rán ṣẹ́ẹ̀tì, kí á máa kó o lọ sí Lọ́ńdọ̀n lọ tà. Àwọn kan ní àbá náà dára púpọ̀. Àwọn kan ní owó ẹgbẹ́ fẹ́ bọ́ sódò. Èmi kò wá láti gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ọrọ̀ ajé ni mo ṣe, ohun tí wọ́n sì ní kí n ṣe ni kí n sọ ohun tí àwọn onímọ̀ òwò láàrin orílẹ̀-èdè rí nípa irú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹ̀yin fúnra yín wá dá a.

Tíọ́rì kan wà tó bá àbá yìí mu tààrà. Ará Sùwídìn méjì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Eli Heckscher ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1919, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Bertil Ohlin, wá fẹ̀ ẹ́ lójú nínú ìwé tó gbé jáde ní 1933. Ohun tí wọ́n sọ kò le. Wọ́n ní kí á wo ohun tí orílẹ̀-èdè fi ń ṣe nǹkan: àwọn èèyàn tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ àti owó tí a fi ra ẹ̀rọ, àti ilẹ̀ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù níbì kan, òun ló máa ń pọ́ọ́kú níbẹ̀. Nǹkan tó bá ń jẹ ohun tó pọ́ọ́kú yẹn jù, òun náà ni yóò rọrùn láti ṣe níbẹ̀, òun ni wọn yóò sì máa tà sí òkèèrè. Orílẹ̀-èdè tí òṣìṣẹ́ pọ̀ sí ju ẹ̀rọ lọ yóò máa ta ohun tó ń gba ọwọ́ púpọ̀: aṣọ, bàtà, iṣẹ́ ọnà. Yóò sì máa ra ohun tó ń gba ẹ̀rọ púpọ̀ wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é kó lè hàn. Iye tí mo fẹ́ pè yìí, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni o, ẹ má lọ bá télọ̀ yín jà. Ká ní ṣẹ́ẹ̀tì kan ń gba wákàtí 4 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti wákàtí 1 lára ẹ̀rọ. Ká ní páànù kan, irú èyí tó wà lórí gbogbo ilé láti Bẹẹrẹ dé Máàpó, ń gba wákàtí 1 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti wákàtí 4 lára ẹ̀rọ. Níhìn-ín, wákàtí òṣìṣẹ́ kan jẹ́ 500 náírà, wákàtí ẹ̀rọ kan jẹ́ 2,000, nítorí ẹ̀rọ ṣọ̀wọ́n, èlé owó sì ga. Lọ́hùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì, tí a bá yí i sí náírà, òṣìṣẹ́ jẹ́ 4,000, ẹ̀rọ jẹ́ 1,000.

Ṣẹ́ẹ̀tì níhìn-ín: 500 lọ́nà 4, ó di 2,000, ká fi 2,000 ti ẹ̀rọ kún un, ó di 4,000. Páànù níhìn-ín: 500, àti 2,000 lọ́nà 4, ó di 8,500. Ṣẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún: 4,000 lọ́nà 4, àti 1,000, ó di 17,000. Páànù lọ́hùn-ún: 4,000, àti 1,000 lọ́nà 4, ó di 8,000.

Ẹ rí i báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó fẹ́ páànù kan yóò fi ohun tó ju ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ gbà á. Lọ́dọ̀ tiwọn, ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ń mú páànù méjì wá, ṣéńjì díẹ̀ á tún kù. Tí a bá kó ṣẹ́ẹ̀tì lọ, tí a kó páànù bọ̀, àwa jèrè, àwọn náà jèrè. Kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa àti ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wọn ló bí èrè náà.

Apá kejì tíọ́rì yìí ló yẹ kó kan ọmọṣẹ́ télọ̀ lára jù. Ní 1941, Wolfgang Stolper àti Paul Samuelson fi hàn pé tí irú òwò bẹ́ẹ̀ bá ń lọ, ohun tó pọ̀ nílẹ̀ ni owó rẹ̀ máa ń gòkè. Ìyẹn ni pé bí ṣẹ́ẹ̀tì bá ń lọ sí òkèèrè, àwọn tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì yóò di ẹni tí wọ́n ń wá kiri, owó iṣẹ́ wọn yóò sì kúrò ní 500. Ẹ ò rí i pé àbá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ lásán. Tó bá ṣẹ, àwọn ọmọ tó ń jókòó síwájú ilé láti àárọ̀ dalẹ́ á rí iṣẹ́ tó ń pa owó wọlé.

Ó dáa. Tíọ́rì ti sọ tirẹ̀. Kí wá ni Nàìjíríà ń tà sí òkèèrè ní tòótọ́? Èèyàn tó ju mílíọ̀nù 200 lọ la jẹ́, síbẹ̀ epo rọ̀bì àti gáàsì ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọjà wa sí òkèèrè. Iṣẹ́ epo yìí sì ni iṣẹ́ tó ń gba èèyàn díẹ̀ jù lọ tí ẹ lè rò. Ẹ̀rọ ńlá, páìpù, ọkọ̀ ojú omi, èèyàn ìwọ̀nba. Aṣọ, bàtà, kódà ike tí a fi ń gbọ́n omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn là ń rà wọlé. Ó dà bí ẹni pé tíọ́rì ọ̀hún parọ́.

Kò parọ́ o, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kà á dáadáa. Nígbà tí wọ́n ní òṣìṣẹ́ pọ̀, wọn kò ní kí á ka orí èèyàn. Wọ́n ní kí á fi í wéra pẹ̀lú àwọn nǹkan yòókù tó wà nílẹ̀. Ẹ mú Báńgíládéṣì. Èèyàn ibẹ̀ tó mílíọ̀nù 170, wọn kò tó wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn kò ju bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà ilẹ̀ wa lọ, odò sì tún ń bo púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà òjò. Epo rọ̀bì tí wọ́n lè máa tà kò sí níbẹ̀. Tí a bá fi òṣìṣẹ́ wọn wé ilẹ̀ wọn, òṣìṣẹ́ ló pọ̀ rẹpẹtẹ. Tí a bá fi tiwa wé tiwa, ilẹ̀ náà pọ̀, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sì pọ̀. Onímọ̀ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Adrian Wood, tẹnu mọ́ èyí fún gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà: níbi tí ilẹ̀ bá ti pọ̀ ju àwọn tó kàwé lọ, ohun inú ilẹ̀ àti ohun orí ilẹ̀ ni wọn yóò máa tà, kò ní jẹ́ ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nílé iṣẹ́.

Àwa ọmọ Ìbàdàn kò nílò ìwé láti mọ èyí. Kòkó ni àwọn bàbá wa fi kọ́lé. Kòkó ń gba ilẹ̀ púpọ̀, ó sì ń gba ọwọ́ púpọ̀: ríro, kíkà, fífọ́, sísá. Ẹ̀rọ tó ń gbà kò ju àdá àti ọkọ́ lọ. Èèyàn ń gbé ní Yemẹtù, ó ń ti ibẹ̀ lọ sóko. Bí Ohlin bá wá síbí ní 1955, ì bá ti jókòó pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, nítorí ohun tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa náà là ń tà. Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, ẹ̀rí ni.

Epo ló wá dá sí i. A bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo sí òkèèrè ní 1958, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí iye rẹ̀ fò sókè ní 1973 sí 1974 ni nǹkan yí padà. Dọ́là ya wọlé. Náírà wá le. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan àbọ̀ lọ. Àwọn àgbà tó wà níbí á rántí, wọ́n á sì máa dárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí ẹni tó fẹ́ tajà sí òkèèrè. Bí náírà bá le bẹ́ẹ̀, owó òṣìṣẹ́ wa di gọbọi tí a bá kà á ní dọ́là. Ohun tó yẹ kó pọ́ọ́kú lọ́dọ̀ wa kò pọ́ọ́kú mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó wọlé wá dín owó ju èyí tí a rán nílé. Owó iṣẹ́ ìgboro ga, àwọn alágbàṣe sì kúrò lóko. Ní 1970 sí 1971, kòkó Nàìjíríà tó nǹkan bí 300,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1980 síwájú, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Kì í ṣe pé àwọn àgbẹ̀ wa di ọ̀lẹ, bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń sọ. Epo ló gba ipò lọ́wọ́ gbogbo ohun mìíràn tí a lè tà.

Nísinsìnyí náírà ti wá lẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2023, ó ti rọ̀ débi pé owó òṣìṣẹ́ wa ní dọ́là kéré gan-an. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n fi wà nínú àbá tó wà níwájú wa, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo fẹ́ kí á dúró sí, torí ibẹ̀ ni owó lè ti sọnù.

Nínú ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì la fi wé ara wa. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì là ń bá díje. Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ rán ṣẹ́ẹ̀tì mọ́, ó ti pẹ́. Báńgíládéṣì là ń bá díje, àti Fẹtináàmù. Àwọn náà ní òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò náà ṣe. Ká ní wákàtí òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ 500 bíi tiwa, wákàtí ẹ̀rọ wọn jẹ́ 1,500. Ṣẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ 3,500. Tiwa jẹ́ 4,000 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Yemẹtù kí ẹ wò ó bóyá 2,000 ni wákàtí ẹ̀rọ. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Epo bẹntiró wọ́n. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, àti abẹ́rẹ́, àti bọ́tìnnì, dọ́là la fi ń rà á, nítorí náà náírà tó lẹ̀, tó sọ òṣìṣẹ́ di pọ́ọ́kú, òun náà ló sọ ẹ̀rọ di ọ̀wọ́n. Ká ní wákàtí ẹ̀rọ wá di 4,500. Ṣẹ́ẹ̀tì wa di 6,500. Ti Báńgíládéṣì ṣì wà ní 3,500. Ẹni tó ń ra ọjà ní Lọ́ńdọ̀n kò ní bi wá léèrè bóyá iná ló fà á.

Heckscher àti Ohlin fi ṣe ìpìlẹ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ṣẹ́ẹ̀tì rí bákan náà níbi gbogbo. Níbi tí iná kò bá dúró, tí ọjà sì ń sùn sí èbúté Àpápá, ìpìlẹ̀ yẹn ti yẹ̀. Ibi tí ẹ ti lè mọ̀ nìyí: bí owó òṣìṣẹ́ bá kéré tí owó ṣẹ́ẹ̀tì sì pọ̀, ẹ má wo ọwọ́ télọ̀, ẹ wo ohun tó ń jẹ ẹ̀rọ lówó.

Àwọn Báńgíládéṣì náà kò déédéé bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀, Desh, bá Daewoo ti Kòríà ṣe àdéhùn. Ní 1979, wọ́n kó òṣìṣẹ́ tó lé ní 100 lọ sí Kòríà fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ fún ọjà òkèèrè. Nígbà yẹn, àwọn orílẹ̀-èdè olówó ti fi gèdú sí iye aṣọ tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ Kòríà, nítorí náà Kòríà ń wá ibi tí kò ní gèdú. Àwọn tí wọ́n kọ́ wá padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi Desh sílẹ̀, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ìjọba tún gbà kí wọ́n kó aṣọ àti òwú wọlé láìsan owó ibodè, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí wọ́n bá rán bá ti ń padà jáde. Lónìí, aṣọ rírán ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tí wọ́n ń tà sí òkèèrè, ó sì ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 òṣìṣẹ́. Òwú náà gan-an, èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ń rà wọlé. Ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ń tà.

Àwa náà ń ta ọwọ́ ènìyàn o, ọ̀nà mìíràn la gbà. Robert Mundell kọ ọ́ ní 1957 pé bí ohun kan bá dí ọjà lọ́nà, ohun tí a fi ń ṣe ọjà náà á gbéra fúnra rẹ̀. Bí ṣẹ́ẹ̀tì kò bá lè lọ, télọ̀ á lọ. Ta ni nínú wa tí kò mọ nọ́ọ̀sì kan tó kọ́ṣẹ́ nílé, bóyá ní Adéọ̀yọ́ níbí, tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí? Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ wálé lọ́dún tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là. Gbogbo ọjà tí kì í ṣe epo tí a tà sí òkèèrè ní 2023, àti kòkó àti ẹ̀gúsí àti gbogbo ẹ̀, kò tó bílíọ̀nù 5. Kódà owó tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ fi ra ẹ̀rọ yìí, èrè òṣìṣẹ́ tó gbéra lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ̀yin gan-an ni ọjà tí tíọ́rì náà sọ pé a ó máa tà.

Kí wá ni kí á ṣe sí àbá yìí? Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kí á fi agbádá tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣe ọnà sí rọ́pò ṣẹ́ẹ̀tì. Ká ní ó gba wákàtí 40 lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti wákàtí 1 péré lára ẹ̀rọ. Níhìn-ín, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ wa: 20,000 àti 4,500, ó di 24,500. Ní Báńgíládéṣì: 20,000 àti 1,500, ó di 21,500. Lórí ṣẹ́ẹ̀tì, owó tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwọn. Lórí agbádá, ìlọ́po náà ti dín kù gan-an, a kò sì tíì ka ti pé àwọn kò mọ agbádá ṣe. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń gba ọwọ́ tó, tí kò gba ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà iná kò ní lè rí i mú. Ọjà Ọjẹ́ nìyẹn nítòsí wa, tí wọ́n ti ń kó aṣọ-òkè wá láti Ìsẹ́yìn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe ìgbéyàwó ní Lọ́ńdọ̀n àti Húsítìn, aṣọ wo ni wọ́n ń wọ̀?

Àmọ́ kí á ṣọ́ra. Ẹ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, ẹ ó rí àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ. Aṣọ kan náà, lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń gba ọwọ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa ti di ohun tó ń gba ẹ̀rọ púpọ̀ lọ́dọ̀ wọn, níbẹ̀ tíọ́rì Heckscher kò sì lè sọ ẹni tí yóò tà á fún ẹnì kejì mọ́. Ohun tí ẹ̀rọ kò tíì lè ṣe àfarawé rẹ̀ dáadáa ni kí á mú. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ ṣì wà nínú irú ìyẹn. Àwòrán tí wọ́n kàn tẹ̀ sára aṣọ kò sí nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí á tó ra ẹ̀rọ kankan, mo bẹ àwọn télọ̀ tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí kí wọ́n mú aṣọ ogún péré. Mẹ́wàá kó jẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mẹ́wàá kó jẹ́ agbádá oníṣẹ́ ọwọ́. Kí wọ́n kọ wákàtí tí ọwọ́ lò sílẹ̀, kí wọ́n kọ wákàtí tí ẹ̀rọ lò, kí wọ́n kọ owó epo jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n má dà á pọ̀ mọ́ owó oúnjẹ ọmọṣẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀n, ẹ bá wa béèrè iye tí wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, àti iye tí wọ́n ń gbà láti gbé e débẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé kí á tó tún pàdé lóṣù tó ń bọ̀, kí á jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ níwájú gbogbo ilé.